Bí oníbàárà bá já owó aṣọ ẹyọ kan sí ìdajì: ohun tí ọlọ́jà máa ṣe

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ta àǹkárá ń bi mi ṣáá: "Mo pe aṣọ ní ₦13,000, oníbàárà ní ₦7,000 lòun máa san, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì fẹ́ rà. Ṣé kí n lé e ni, àbí kí n gbà?" Yálà Gbági Tuntun n'Íbàdàn lẹ ti ń tà, tàbí Balógun l'Ékòó, ìdáhùn mi ò yí padà. Ẹ má lé e, ẹ má sì gbà. Ohun tó wà láàárín méjèèjì niṣẹ́ wa, iṣẹ́ náà sì ti ní láti bẹ̀rẹ̀ kí oníbàárà tó dé ìsọ̀ yín.

Àǹkárá yáàdì mẹ́fà ni mo máa fi ṣàlàyé. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye owó tí mo kọ síbí, ẹ fi ti ọjà tiyín rọ́pò wọn.

## Kí oníbàárà tó dé: ẹ mọ ibi tí owó ti máa dúró

Ẹni tí kò mọ ojú owó ọjà rẹ̀, oníbàárà ló máa bá a dá a lé. Ẹ ṣe ìṣirò yìí ní alẹ́ tàbí ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí ojú oníbàárà ò ní tó.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí ẹ máa fi ra òmíràn. Ká ní ₦9,000 lẹ ra yáàdì mẹ́fà kan nígbà tí ẹ kó méjìlá. Ẹ pe ẹni tó ń kó ọjà fún yín lórí fóònù, ó ní ₦9,800 ló ti di báyìí. ₦9,800 yẹn ni ojú owó yín. ₦9,000 ti di ìtàn.
2. Ẹ fi ìnáwó orí ọjà kún un. Owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó ìsọ̀, ọ̀rá tí ẹ máa dì í sí. Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó jẹ́ ₦500. Ó ti di ₦10,300.
3. Ẹ dá èrè tó kéré jù lé e. Ká ní ₦500. ₦10,800 nìyẹn. Ibẹ̀ ni owó ti máa dúró, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló wá rajà.
4. Ẹ mú iye tí ọkàn yín fẹ́, kí ẹ tó mú iye tí ẹ máa pè. Ká ní ₦11,500 lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ẹyọ kan. Ẹ lè pe é ní ₦13,000, kí àyè ìnájà lè wà. Ẹ má pe é ní ₦20,000. Owó tó bá ga jù ló ń kọ́ oníbàárà pé ìdajì lèèyàn ń san níwájú yín.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń gbé àwọn èèyàn ṣubú jù. Wọ́n á ní, "Mo rà á ní ₦9,000, mo tà á ní ₦10,000, mo ti jèrè ₦1,000." Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Tí ẹ bá ta méjìlá bẹ́ẹ̀, ₦120,000 ló wọlé. Ẹ yọ ìnáwó ₦500 lórí ìkọ̀ọ̀kan, ó ku ₦114,000. Aṣọ tuntun ti di ₦9,800, méjìlá máa gba ₦117,600. Owó ò tó. Mọ́kànlá lẹ máa rí kó wálé, ẹ ò sì tíì jẹun nínú rẹ̀ o. Báyìí ni ìsọ̀ ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ tí ẹni tó ni ín á máa rò pé òun ń jèrè. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ àǹkárá tó kún ọjà wa ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, iye tí a fi ra ọjà lánàá kò ṣeé gbára lé mọ́.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yìí tó yẹ kó wà lórí yín nígbà tí ìnájà bá gbóná. Ní ₦11,500, èrè yín jẹ́ ₦1,200. Tí ẹ bá tún yọ ₦1,000 péré, èrè ku ₦200. Ẹ máa ní láti ta mẹ́fà irú rẹ̀ kí ẹ tó rí èrè tí ẹyọ kan ì bá mú wá. Lójú oníbàárà, ₦1,000 ò ju ìdínkù kékeré kan lọ nínú owó aṣọ. Lọ́dọ̀ yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èrè.

## Nígbà tó bá já owó náà: ìgbésẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ dá a lóhùn láì dárúkọ owó. "Kò gbà o, mà" pẹ̀lú ẹ̀rín ti tó. Ẹ má bú u, ẹ má pòṣé, ẹ má sì búra pé ẹ ò jèrè kọ́bọ̀. Ẹni tó búra ní ₦13,000 tó wá gbà ní ₦11,500 ti ba ẹnu ara rẹ̀ jẹ́.
2. Ẹ fi aṣọ lé e lọ́wọ́, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan. "Kí lẹ fẹ́ fi rán?" tàbí "Ìgbà wo lẹ fẹ́ lò ó?" Ìdáhùn rẹ̀ ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó fẹ́ rà lóòótọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ lásán kì í ní ìdáhùn.
3. Ẹ jẹ́ kó fi kún owó tirẹ̀ kí ẹ tó dín tiyín. "Ẹ fi kún un, mà." Tí ẹ bá ti ₦13,000 bọ́ sí ₦12,000, tí ẹ tún bọ́ sí ₦11,500, tí òun sì wà lórí ₦7,000 síbẹ̀, ara yín lẹ ń bá nájà.
4. Ẹ máa dín in kù ní díẹ̀díẹ̀, kí ìdínkù tó tẹ̀ lé e kéré ju ti ìṣáájú. ₦700, lẹ́yìn náà ₦400, lẹ́yìn náà ₦200. Etí oníbàárà á gbọ́ pé owó ti ń sún mọ́ ògiri. Tí ẹ bá ń yọ ₦500 ṣáá, kò sí ìdí tó fi máa dákẹ́.
5. Ẹ gba nǹkan fún ìdínkù tó gbẹ̀yìn. Kó san owó lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, tàbí kó mú méjì, tàbí kó mú aṣọ tó wà lókè láì tú gbogbo àtẹ. Ìdínkù tí kò ní ìdí lẹ́yìn ló ń fa òmíràn.
6. Ẹ sọ owó ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló nira jù fún àwa ọlọ́jà. Púpọ̀ nínú wa ló máa ń fi ẹnu ara wa dín owó kù nítorí pé a ò lè fara da kí èèyàn dúró láì sọ̀rọ̀.
7. Tó bá ní òun ń lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ lè pè é padà lẹ́ẹ̀kan, tó bá jẹ́ pé iye tó dá kẹ́yìn ti wọ ₦10,800 tàbí ó kọjá rẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kí i pé "Ó dàbọ̀, mà, ẹ tún yà sí wa." Tí ẹ bá pè é padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ̀ pé ẹ nílò owó gan-an.

### Bó ṣe máa ń rí lẹ́nu

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Obìnrin tó dàgbà ju ọlọ́jà lọ dáadáa ló dúró síwájú ìsọ̀, ó ń fọwọ́ kan aṣọ aláwọ̀ aró kan.

— Èló lèyí?

— ₦13,000 ni, mà.

— Kí ló dé? Ṣé góòlù ló wà nínú ẹ̀ ni? Mo máa fún ọ ní ₦7,000.

— Kò gbà o, mà. Ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ wò ná. Kí lẹ fẹ́ fi rán?

— Ìró àti bùbá. Ìnáwó ọmọ àbúrò mi ni, Sátidé yìí.

— Á yẹ yín gan-an. Ẹ fi kún owó yín, mà.

— Ó dáa, ₦9,000.

— Kò kan ojú owó, mà. Nítorí tiyín, ẹ mú ₦12,300 wá.

— Háà, ọmọ yìí! ₦10,500. Kò sí òmíràn mọ́.

— Ẹ san ₦11,900, mà.

— ₦11,000.

— ₦11,700, mà.

— Mi ò ní ju ₦11,000 lọ. Jẹ́ kí n máa lọ.

— Tí ẹ bá ní owó lọ́wọ́ báyìí, ẹ mú ₦11,500 wá. Ibẹ̀ ló parí sí, mà.

Ọlọ́jà dákẹ́, ó ń ká aṣọ náà. Màmá tú àpò.

Ẹ kíyè sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí. Nígbà tí màmá ti sọ pé Sátidé lòun fẹ́ lò ó, ọlọ́jà ti mọ̀ pé aránṣọ ń dúró de aṣọ, àti pé obìnrin yìí kò ní àkókò láti máa rìn káàkiri ọjà títí di Ọjọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Kò sọ ọ́ jáde o. Ẹ má sọ fún oníbàárà pé "Ẹ ṣáà ní Sátidé lẹ fẹ́ lò ó." Ìwọ̀sí ni, ó sì lè bínú lọ. Ẹ tún wo ₦200 tó gbẹ̀yìn: owó tó máa san lọ́wọ́ ni wọ́n fi gbà á, kò jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bí oníbàárà ṣe ju ọlọ́jà yìí lọ lọ́jọ́ orí kò sì dí i lọ́wọ́: gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ló ní "mà" nínú, síbẹ̀ owó kò yà kúrò níbi tí wọ́n fi í sí.

## Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mú ọlọ́jà

"Ìsọ̀ kejì ń tà á ní ₦8,000." Ó lè jẹ́ òótọ́. Àǹkárá tó fẹ́lẹ́, tó ń ṣí àwọ̀, wà lọ́jà, àwòrán orí rẹ̀ sì lè jọ tiyín bí ìbejì. Ẹ má pe aládùúgbò yín ní olè. Ẹ tú aṣọ tiyín, kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án bí àwọ̀ ṣe wọ inú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ra á. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ pé, "Ẹ lọ wò ó, mà. Tó bá jẹ́ irú èyí ni, ẹ rà á níbẹ̀." Ẹni tó ń parọ́ kò ní lọ jìnnà. Ẹni tó ń sọ òótọ́ náà á mọ̀ pé ẹ ò bẹ̀rù.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé lónìí, ẹ jẹ́ kí n ṣí yín lọ́jà." Èyí ló mú ọ̀pọ̀ ọlọ́jà jù, nítorí a gbà pé ẹni àkọ́kọ́ tó bá lọ láì rà lè ba ọjọ́ jẹ́. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ìgbàgbọ́ yín. Ohun tí mo máa sọ ni pé kí ẹ dá iye kan sọ́tọ̀ fún un. Ká ní ẹ lè fi ₦300 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣí ọjà, èyí tó jẹ́ pé ₦11,200 lẹ máa gbà. Kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ta ọjà àkọ́kọ́ ní àdánù, àdánù lẹ fi ṣí ọjà.

"Owó tó wà lọ́wọ́ mi nìyí." Ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì wá ohun tí owó náà lè rà: "Kò burú, mà. Tó bá jẹ́ ₦9,000, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó bá a mu hàn yín." Bí owó bá wà níbòmíràn nínú àpò rẹ̀, ẹ máa rí i jáde nígbà tí ojú rẹ̀ bá ń padà sí aṣọ àkọ́kọ́.

"Tí ẹ bá tà á fún mi bẹ́ẹ̀, mo máa mú èèyàn wá." Ẹ dá a lóhùn pé: "Ẹ rà á báyìí ní ₦11,500. Ọjọ́ tí ẹ bá mú wọn wá tí ẹ jọ ra mẹ́fà, ₦10,900 ni mo máa gba ìkọ̀ọ̀kan." Ẹni tó ń ra aṣọ ẹbí lóòótọ́ máa gba nọ́ńbà yín kó tó lọ. Owó ẹni tó ń kó púpọ̀ kò sí fún ẹni tó ń ra ẹyọ kan, ìlérí ò sì tíì di owó.

## Ohun tí ẹ lè fún un dípò kí ẹ tún dín owó

Nígbà mìíràn, ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọ̀, àmọ́ oníbàárà fẹ́ kó hàn pé òun jàre. Ẹ wá èènì. Òwú ìránṣọ kan tó bá àwọ̀ aṣọ mu ti tó, owó rẹ̀ kò sì tó ₦500 tí ẹ ì bá tún yọ. Ẹ ra òwú yìí pọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ka owó rẹ̀ mọ́ ìnáwó orí ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má wá di pé èènì ló ń jẹ èrè yín.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ta yáàdì mẹ́ta fún un, tó bá jẹ́ pé síkẹ́ẹ̀tì àti bùláòsì ló fẹ́ rán. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ìdajì ₦11,500 jẹ́ ₦5,750, ṣùgbọ́n ẹ má tà á bẹ́ẹ̀. Yáàdì mẹ́ta tó ṣẹ́kù ti di àjákù, ó sì lè pẹ́ lórí àtẹ kí ẹni tó fẹ́ mẹ́ta péré tó dé. Ẹ gba ₦6,200 ó kéré tán. Ẹ má sì fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ kí owó tó wọ ọwọ́ yín. Mo ti rí ọlọ́jà tó gé aṣọ tán tí oníbàárà wá ní, "Ẹ fara balẹ̀, ₦5,000 ni mo sọ." Aṣọ tí a ti gé ò ní ẹnu láti bá èèyàn nájà mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni aṣọ mìíràn tí owó rẹ̀ kéré. Kó wà nítòsí ọwọ́ yín nígbà gbogbo, kó má jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá bínú lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a.

## Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbà á

Gbogbo ohun tí mo sọ lókè, aṣọ tí ẹ tún fẹ́ lọ kó òmíràn irú rẹ̀ ni mo ń bá wí. Aṣọ tí ẹ ò ní kó mọ́, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀. Àwòrán tó ti kọjá ìgbà, aṣọ tí oòrùn ti jẹ́ kí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ ṣí àwọ̀, ẹyọ kan tó ṣẹ́kù nínú méjìlá tí kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: owó yín ló há síbẹ̀. ₦8,000 tó wọlé lónìí lórí irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi kún owó èyí tó ń yá. Níbí, iye tí ẹ rà á kò ní ohun tó máa sọ fún yín mọ́. Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé, ta ló tún máa dá iye yìí lé e?

Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sáàárín àwọn tuntun. Ẹ tò ó sọ́tọ̀, kí ẹ pè é ní gbàǹjo, kí ẹ fi àbùkù rẹ̀ han oníbàárà kó tó sanwó. Tí màmá bá rà á ní ₦8,000 láàárín àwọn tí ẹ ń pè ní ₦13,000, gbogbo ẹbí rẹ̀ ló máa gbọ́ pé ₦8,000 lẹ ń ta àǹkárá.

Ẹ ṣọ́ra fún gbígbà nítorí gbèsè. Bí ẹni tó kó ọjà fún yín ní àwìn bá ń bọ̀ wá gbowó lọ́la, ọkàn máa fẹ́ gba ohunkóhun. Tí ó bá di dandan, ẹ wá ta àwọn ti gbàǹjo kíákíá, kí ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ń tà.

## Kí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ìnájà tó parí ní ìrọ̀rùn ṣì lè bàjẹ́ níbi owó sísan. Ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

- Ẹ tún iye tí ẹ fẹnu kò sí sọ sókè kí ẹ tó di aṣọ: "₦11,500 ni o, mà."
- Tó bá san owó lọ́wọ́, ẹ kà á lójú rẹ̀.
- Tó bá jẹ́ tiransifáà, ẹ wo owó náà nínú àpò báńkì tiyín. Álẹ́ẹ̀tì orí fóònù oníbàárà kì í ṣe owó, èyí tó wọ fóònù yín gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà lè jẹ́ ayédèrú.
- Bí iye tó fi ránṣẹ́ bá dín, bóyá ₦11,000 dípò ₦11,500, ẹ di aṣọ mú títí ìyókù á fi wọlé. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ọgbọ́n: wọ́n á gbà lẹ́nu, wọ́n á wá fi ìka dín in kù.
- Ẹ kọ iye tí ẹ tà á sínú ìwé yín kí oníbàárà tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó dé.

Tí ẹni tó lọ láì rà lánàá bá padà wá lónìí, ẹ má ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi owó kún un. Ìsọ̀ mìíràn ló ti yà sí, ó sì ti rí i pé ti yín ló dáa jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ìkẹyìn tí ẹ sọ fún un, ₦11,500, kí ẹ dúró síbẹ̀.